Iná méjì tàn, rẹfirí fún ẹnì kejì: fóìlì, épé àti sébà

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú ilé o. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún 12, ń fi fóìlì jà nínú eré ìjà idà. Lọ́jọ́ Sátidé, òun ló kọ́kọ́ sáré sí ọmọ tí wọ́n jọ ń jà. Iná tirẹ̀ tàn lára ẹ̀rọ tó ń ka àmì, iná ti ẹnì kejì náà tàn, rẹfirí sì gbé àmì fún ẹnì kejì. Ẹkún ló sun délé. Ìyá kan níbẹ̀ ní kí n mú un lọ sí épé tàbí sébà, pé ojúsàájú ti pọ̀ jù nínú fóìlì. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló tilẹ̀ yàtọ̀ nínú idà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?

---

Alágbẹ̀dẹ Idà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ẹ bá wa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Èmi ni mo ń tún idà ṣe ní kíláàbù wa, mo sì máa ń ṣe rẹfirí fún àwọn ọmọdé níbẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí rẹfirí náà jàre. Nínú fóìlì, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ ló ni ìkọlù. Ẹni tó kọ́kọ́ ń na ọwọ́ ni, tí ṣóńṣó idà rẹ̀ sì ń halẹ̀ mọ́ ara ẹnì kejì. Bí ọmọ bá sáré lọ pẹ̀lú ọwọ́ kíká, tó wá jẹ́ pé ìgbà tó dé iwájú ẹnì kejì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ na ọwọ́, gbogbo eré tó sá yẹn, ìmúrasílẹ̀ lásán ni. Bí ẹnì kejì bá na ọwọ́ lásìkò yẹn, òun ló kọlù, ọmọ tiyín ló wá rìn wọ inú ìkọlù ẹlòmíì. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń rí i lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé: ẹsẹ̀ ti délé, ọwọ́ ṣì wà lójú ọ̀nà.

Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún wọn ni pé ọ̀rọ̀ ni idà méjèèjì ń bá ara wọn sọ. Ẹni tó bá ti la ẹnu, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí o bá fẹ́ sọ tìrẹ, fi idà rẹ gbá idà rẹ̀ kúrò lọ́nà ná. Bí o bá ti gbá a, ọ̀rọ̀ ti di tìrẹ, o lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀tọ́ ìkọlù, tàbí príọ́ritì, nìyẹn. Fóìlì ní in, sébà ní in, épé kò ní in.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìjà kan ṣoṣo hàn yín nínú idà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan ní Pupa, ká pe èkejì ní Ewé, nítorí àwọ̀ iná wọn. Pupa na ọwọ́, ó fò síwájú, ó fẹ́ kan Ewé láyà. Ewé kò gbá idà rẹ̀ o. Ṣe ló kàn na ṣóńṣó tirẹ̀, ó gún Pupa lọ́rùn-ọwọ́. Díẹ̀ lẹ́yìn náà ni idà Pupa dé àyà Ewé.

Bó bá jẹ́ épé, gbogbo ara ni ibi tí wọ́n lè kàn, láti orí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọrùn-ọwọ́ wà nínú rẹ̀, Ewé ló sì kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ ló máa dájọ́: bí Pupa bá fi ju nǹkan bíi 40 mílísẹ́kọ́ǹdì pẹ́ lẹ́yìn Ewé, iná Ewé nìkan ló máa tàn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, iná méjèèjì tàn, àwọn méjèèjì sì gba àmì kọ̀ọ̀kan. Rẹfirí kò ní bi ẹnikẹ́ni pé ta ló bẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ fóìlì, apá kò sí nínú ibi tó kà. Àyà, ikùn, ẹ̀yìn, abẹ́ ikùn títí dé ibi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, àti ìsàlẹ̀ aṣọ ọrùn ìbòjú: ibẹ̀ nìkan ni. Nítorí náà ohun tí Ewé ṣe yẹn, iná funfun tó ń sọ pé kò kan ibi tó kà ló máa tàn fún un. Iná Pupa sì tàn ní àwọ̀, òun ló sì ni ìkọlù, òun ló gba àmì. Ẹ wá wo èyí tó máa ń bí àwọn òbí nínú: ká ní itan ni Pupa gún, tí Ewé sì gún Pupa láyà ní tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gba nǹkan. Ìkọlù Pupa ló kọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀, ó sì bọ́ síta, eré dúró níbẹ̀. Iná àwọ̀ Ewé kò wúlò.

Bó bá jẹ́ sébà, láti ìbàdí sókè ni, orí àti apá wà nínú rẹ̀. Apá tí Ewé kàn kà, iná rẹ̀ tàn. Ti Pupa náà tàn bó bá dé láàárín 170 mílísẹ́kọ́ǹdì. Iná méjì, ìkọlù jẹ́ ti Pupa, Pupa gba àmì. Àmọ́ bí Ewé bá gé e lápá tó sì fò sẹ́yìn tó bẹ́ẹ̀ tí idà Pupa fi pẹ́ kọjá 170 yẹn, iná Ewé nìkan ló máa tàn, kò sì sí ẹ̀tọ́ ìkọlù kankan láti gbé yẹ̀ wò.

Ìjà kan náà ni. Nínú épé, Ewé lè jẹ nìkan. Nínú fóìlì, asán ni. Nínú sébà, ìyára ẹsẹ̀ tó fi sá ló máa pinnu.

---

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, mi ò fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ yín. Àmọ́ épé náà ní príọ́ritì o! Ṣé ẹ rántí Òlíńpíìkì Lọ́ńdọ̀nù 2012? Shin A-lam, ọmọ Kòríà Gúúsù, tó jókòó sórí pèpéle ìjà tó ń sunkún fún nǹkan bíi wákàtí kan. Òun ló ní príọ́ritì, wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Épé sì ni.

---

Alágbẹ̀dẹ Idà

Àbúrò, ohun tí o rántí ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Orúkọ ló jọra.

Príọ́ritì tí wọ́n sọ lọ́jọ́ yẹn, ìbò ni wọ́n fi mú un. Shin àti Britta Heidemann ti Jámánì parí àsìkò wọn ní 5 sí 5. Bí àmì bá dọ́gba, wọ́n máa ń fi ìṣẹ́jú kan kún un, ẹ̀rọ á sì yan ẹnì kan pé òun ló máa borí bí ìṣẹ́jú náà bá parí láìsí ẹni tó kan ẹnì kejì. Shin ni ìbò mú. Nítorí náà Heidemann ló gbọ́dọ̀ kàn án, Shin kàn ní láti dúró ni. Ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo ló kù, wọ́n sì jà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan yẹn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, aago kò kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà Heidemann kàn án, 6 sí 5. Inú mi ò dùn sí i títí dòní, ara mi ṣì ń bù máṣọ bí mo bá rántí.

Àmọ́ wò ó, gbogbo àríyànjiyàn ọjọ́ yẹn, aago ni. Kò sẹ́ni tó bi rẹfirí pé ta ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Irú príọ́ritì onìbò yẹn wà nínú fóìlì àti sébà pẹ̀lú. Ẹ̀tọ́ ìkọlù tí à ń sọ níbí, nǹkan mìíràn ni, kò sì sí nínú épé.

---

Onísébà, Houston

Mo kí gbogbo ilé. Sébà ni mo fi dàgbà, mo sì fẹ́ kí Ìyá Ìbejì mọ ohun kan tí wọn kò kọ sínú òfin báyìí. Ẹ̀gbọ́n ní ọwọ́ ló ń fúnni ní ìkọlù. Lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Lójú ìjà, ẹni tó ń tẹ̀ síwájú ni rẹfirí sábà máa ń fún. Ẹ lọ wo eré fóìlì àwọn àgbà: ọwọ́ wà lẹ́yìn, idà ń wo òrùlé, ẹsẹ̀ ń lọ. Ẹnì kejì na ọwọ́ bí ìwé ṣe wí, iná méjì tàn, ẹni tó ń rìn síwájú gba àmì. Ta ló parọ́, ìwé ni àbí rẹfirí?

Ti sébà tilẹ̀ ṣe kedere jù. A kì í gún nìkan, à ń gé pẹ̀lú, ẹ̀gbẹ́ idà ń kàn. A kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ kan kọjá èkejì bí a ti ń lọ síwájú, nítorí náà ẹ rí ẹsẹ̀ dáadáa. Bí àwọn méjèèjì bá sì kọlu ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnikẹ́ni kò gba nǹkan, a tún un ṣe. Fares Ferjani ti Tùnísíà fi sébà gba fàdákà ní Paris 2024, ẹ lọ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìdí tí a kì í fi gé ẹsẹ̀ ni pé ẹlẹ́ṣin ló ni sébà, wọn ò fẹ́ pa ẹṣin.

---

Alágbẹ̀dẹ Idà

Lórí ẹṣin, mi ò bá ọ lọ. Sébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a ń lò lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn ará Ítálì tó ń fẹsẹ̀ dúró jà lójúkojú ló ti wá, kì í ṣe orí ẹṣin. Àwọn ẹlòmíì ṣì gba ìtàn ẹṣin gbọ́, àwọn olùkọ́ pàápàá ń sọ ọ́. Èmi ò rí ohun tó dì í mú.

Lórí rẹfirí, o ní òótọ́ lọ́wọ́, ó sì ń dun èmi náà. Mo ti rí ìkọlù tí ọwọ́ kò nà rárá títí tó fi ku ìṣísẹ̀ kan, tí wọ́n sì kà á. Àlàyé tí àwọn rẹfirí ńlá máa ń ṣe ni pé bí ẹni tó ń sá sẹ́yìn kò bá na ọwọ́ kó tó pẹ́ jù, ó ti jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Mo gba apá kan nínú rẹ̀. Àmọ́ ọmọ ọdún 12 ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Rẹfirí ìdíje kékeré, ọwọ́ ló máa wò, nítorí ọwọ́ ló rọrùn láti rí. Bí a bá kọ́ ọmọ yẹn pé kó máa fi ẹsẹ̀ nìkan gba ẹ̀tọ́, ẹkún Sátidé yẹn ò ní tán.

---

Bàbá Tóbi, Ìkẹjà

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ìkọlù yìí kan èmi náà. Mo ra fóìlì kan fún ọmọ mi lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ṣe fi idà lu idà ẹnì kejì báyìí, iná funfun tàn, rẹfirí dá eré dúró. Kò tíì kan ẹnikẹ́ni o! Ṣé rẹfirí lè dá ọmọ dúró bẹ́ẹ̀?

---

Alágbẹ̀dẹ Idà

Bàbá Tóbi, ẹ má bá rẹfirí jà. Wáyà idà yín ló ti já, tàbí ó ń já lọ.

Nínú fóìlì, iná mànàmáná ń ṣàn nínú wáyà ní gbogbo ìgbà. Bí ṣóńṣó bá wọlé, ó ń já ìṣàn yẹn. Bó bá já lórí jákẹ́ẹ̀tì onírin, iná àwọ̀ tàn. Bó bá já níbòmíràn, iná funfun ni. Wáyà tó bá já fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀, ó rò pé ẹ ti gún nǹkan tí kì í ṣe ara. Épé kò rí bẹ́ẹ̀: ìṣàn kò sí níbẹ̀ títí ṣóńṣó yóò fi wọlé. Nítorí náà wáyà épé tó já kò ní tan iná kankan, ọmọ á máa gún, á máa gún, ẹ̀rọ á dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí fóìlì tó bàjẹ́ fi ń pariwo, tí épé tó bàjẹ́ sì ń fi àbùkù rẹ̀ pamọ́.

Ẹ ṣe é báyìí. Ẹ so idà mọ́ ẹ̀rọ, ẹ rọra tẹ irin rẹ̀ bí ọrun, ẹ má fi ọwọ́ kan ṣóńṣó. Bí iná funfun bá ń ṣẹ́jú bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́, wáyà tó wà nínú ihò irin ló ti gé, àfi kí ẹ fi tuntun sí i. Bí kò bá ṣẹ́jú, ẹ mi wáyà ara tó gba inú apá aṣọ ọmọ kọjá. Àwọn tó já nínú aṣọ pọ̀ ju àwọn tó já nínú idà lọ.

Àti pé bí ẹ bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ẹ wo bó ṣe rọ̀ tó. Idà tí ẹlòmíì ti lò pẹ́ sábà máa ń rọ̀ jù.

---

Ọ̀dọ́ Elépé

Ẹ̀gbọ́n, mo ti fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ rírọ̀ yìí tipẹ́. Olùkọ́ mi ní kí n ra irin épé tó le jù lọ tí mo bá rí. Ọ̀rẹ́ mi nínú fóìlì ní kí n ra èyí tó rọ̀. Ta ni kí n gbọ́?

---

Alágbẹ̀dẹ Idà

Idà mìíràn ni ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ nípa rẹ̀.

Ìwọ̀n wà fún un. Wọ́n á há irin mọ́lẹ̀ ní 70 sẹ̀ǹtímítà sí ṣóńṣó, wọ́n á so 200 gíráàmù mọ́ ẹnu rẹ̀, wọ́n á wo bó ṣe tẹ̀ tó. Fóìlì gbọ́dọ̀ tẹ̀ láàárín sẹ̀ǹtímítà 5.5 àti 9.5. Épé láàárín 4.5 àti 7. Sébà láàárín 4 àti 7. Fóìlì ló rọ̀ jù, ìdí rẹ̀ kò sì le. Irin fóìlì ní igun mẹ́rin, ó sì tín-ín-rín. Ti épé ní igun mẹ́ta, ó ní ihò gígùn lẹ́yìn, ó sì wúwo ju fóìlì lọ.

Èmi a máa wọ̀n ọ́n nílé. Mo há fóìlì kan mọ́ etí tábìlì, mo wọn gààrí 200 gíráàmù sínú náílọ̀n, mo so ó síbi tó jẹ́ 3 sẹ̀ǹtímítà sí ṣóńṣó. Kí n tó so ó, ṣóńṣó wà ní 91 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀. Lẹ́yìn tí mo so ó, 80.7. Ó tẹ̀ ní 10.3, ó ti kọjá ààlà. Ọmọ tó ni ín ti ń ráhùn pé òun ń gún àyà ènìyàn, iná kì í tàn. Irin náà ń tẹ̀ kí ṣóńṣó tó wọlé dáadáa. Kò sí oògùn tó lè mú irin tó ti rọ̀ le padà. A sọ ọ́ di idà ìdánrawò, a ra òmíràn.

Nísinsìnyí, fún ìwọ elépé. Ọrùn-ọwọ́ ni iṣẹ́ rẹ pọ̀ sí. Nǹkan kékeré ni, ó ń rìn, ṣóńṣó rẹ sì gbọ́dọ̀ fi agbára tó ju 750 gíráàmù tẹ sípíríǹgì inú rẹ̀ kí iná tó tàn, nígbà tí 500 tó fún fóìlì. Bí irin bá rọ̀, ṣóńṣó ń gbọ̀n lẹ́yìn tí o bá ti darí rẹ̀, á sì yọ̀ lára àwo tó bo ọwọ́ ẹnì kejì. Ìdí tí olùkọ́ rẹ fi ń fẹ́ líle nìyẹn. Àmọ́ «èyí tó le jù lọ» kò tọ́ bí ọwọ́ rẹ ò bá tíì dá ara rẹ̀ mọ̀. Irin tó tẹ̀ ní 4.5 gan-an, ó máa ń dun ẹni tí o gún, ìpadàbọ̀ agbára rẹ̀ sì máa ń dé ìgúnpá tìrẹ. Mo máa ń fún àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ní èyí tó wà láàárín 5.5 àti 6.

---

Onísébà, Houston

Lọ́dọ̀ wa, rírọ̀ ń da ìdájọ́ rú. Mo gbá ìkọlù ẹnì kan dáadáa, irin pàdé irin, gbogbo ilé gbọ́ ọ. Irin tirẹ̀ rọ̀, ẹnu rẹ̀ sì tẹ̀ kọjá idà mi, ó gbá mi léjìká. Iná rẹ̀ tàn. Mo dá a padà, iná tèmi tàn. Rẹfirí kan fún mi torí pé mo ti gbá a. Òmíràn, nínú ìdíje kan náà, sọ pé mi ò dí i tán. Ìyẹn ni mo fi ní kí Ìyá Ìbejì má rò pé sébà máa gba òun lọ́wọ́ rẹfirí.

---

Alágbẹ̀dẹ Idà

Òótọ́ ọ̀rọ̀. Fóìlì ti ní irú rẹ̀ rí: nígbà kan àwọn kan ń ju irin rírọ̀ bí ẹgba, ṣóńṣó á tẹ̀ kọjá èjìká lọ kan ẹ̀yìn. Ní nǹkan bí 2005 ni wọ́n yí ẹ̀rọ padà kí ṣóńṣó lè máa wà ní títẹ̀ fún nǹkan bíi 14 mílísẹ́kọ́ǹdì kí iná tó tàn. Ó dín in kù, kò pa á run. Àwọn kan ṣì sọ pé ìyípadà yẹn ba ẹwà eré jẹ́. Èmi ò gbà, torí èmi ni mo ń tún irin tí wọ́n fi ń ju ẹgba yẹn ṣe, àmọ́ mo mọ àwọn tó dáńgájíá tí wọn kò tíì dárí jì wọ́n.

---

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an. Bàbá wọn ti ya fídíò ìjà yẹn sórí fóònù. A jọ wò ó lálẹ́ àná, a dá a dúró díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà rẹ̀ títí ó fi ku ìṣísẹ̀ kan. Ọmọ kejì ti na tirẹ̀ tipẹ́. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní «Mọ́mì, òun ló ni ín lóòótọ́.» Kò tún sunkún mọ́.

Ṣùgbọ́n ó ní òun ṣì fẹ́ gbìyànjú épé. Ṣé ó lè fi fóìlì tó ní lọ?

---

Alágbẹ̀dẹ Idà

Kò ṣeé ṣe, mà. Sípíríǹgì ṣóńṣó yàtọ̀, wáyà ara yàtọ̀, ihò tí wáyà ń wọ̀ lára idà náà yàtọ̀. Ìbòjú lè jẹ́ ọ̀kan náà, aṣọ funfun àti ìbọ̀wọ́ náà lè jẹ́ ọ̀kan náà. Jákẹ́ẹ̀tì onírin ni kò nílò nínú épé, torí gbogbo ara ló kà, ẹ pa á mọ́.

Kí ẹ má tíì ra nǹkan. Ẹ ní kí kíláàbù yá a ní épé kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ wo ibi tó máa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Bó bá ń lépa ọwọ́ àti ẹsẹ̀, épé ti mú un. Bó bá ṣì ń ṣáà gún àyà, tí ó sì ń gbá idà kó tó dá a padà, fóìlì ló wà lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kó padà síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ nínà.

---

Bàbá Tóbi, Ìkẹjà

Ẹ̀gbọ́n, mo tẹ irin náà bí ẹ ṣe wí, kò ṣẹ́jú. Mo mi wáyà inú aṣọ, iná funfun ń jó bí iná Kérésìmesì. Mo ti ń lọ wá wáyà ara tuntun.